Ohun tí ojú rí ni kí nọ́ọ̀sì sọ: ìmọ̀ràn mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Àsàlátù, nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa dìde, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Nígbà tí ó parí, ó gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá sórí tábìlì, àwọn ènìyàn sì tò síwájú rẹ̀. Alhájà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ fún àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ na apá. Ẹ̀rọ náà kọ 158/94. Nọ́ọ̀sì wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ka ohun tí ó wà níbẹ̀: “Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ju 140/90 lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru nìyẹn.”

Alhájà lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn náà sì wà lórí fìríìjì. Ó lo ẹyọ kan lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún lo ẹyọ kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó di ọ̀sán, òyì kọ́ ọ ní ìdí kànga, àwọn ọmọ ilé ni wọ́n gbá a mú kí ó má baà ṣubú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó dá oògùn ọlọ́kọ rẹ̀ padà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí ó ti sinmi dáadáa. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 132/84, ti èkejì jẹ́ 128/82. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà ni ó fa òyì, nítorí oòrùn mú lọ́jọ́ náà, Alhájà kò sì tíì jẹun. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé oògùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un ni ó lò, àti pé gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ wa ni ó mú un lò ó. A ní láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí ìgbìmọ̀ wa ni ó kọ ìwé tí nọ́ọ̀sì náà kà.

Láti ìgbà náà ni a ti tún ìwé ọ̀hún kọ. Èrò tí a gbà dé ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, kí àwọn tí ń ṣètò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní mọ́sálásí mìíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ máa ṣe ni kí nọ́ọ̀sì sọ. Orúkọ àrùn, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó máa jókòó ti aláìsàn, tí ó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí kò rọrùn tó bí ó ṣe dún, nítorí ẹnu wa máa ń yá láti sọ orúkọ àrùn. Bí ara ọmọ bá gbóná, a ní ibà ni. Bí ó bá ń yàgbẹ́ omi, a ní eyín ni ó ń yọ. Bí orí bá ń fọ́ àgbàlagbà, a ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ru. Ẹni tí ó bá sì ti sọ orúkọ tán ti yan oògùn tán nínú ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, a mú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí gan-an, a sì fi wọ́n ṣe ìmọ̀ràn mẹ́ta. A óò kọ ohun tí nọ́ọ̀sì máa kà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, a óò sì sọ ìdí tí a fi gbé e bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn kìíní: ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ omi

Nínú ìwé wa àtijọ́, a kọ pé ọmọ tí ó ń yọ eyín lè máa yàgbẹ́ omi, kí ìyá rẹ̀ sì fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kà báyìí nìyí:

“Bí ọmọ bá yàgbẹ́ omi ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán kan òru kan, omi ń jáde lára rẹ̀. Ohun yòówù kí ó fà á, ẹ bá a dá omi náà padà. Ẹ ra ó-áà-ẹ́sì ní ilé oògùn, kí ẹ sì ka ara ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ mọ ìwọ̀n omi tí ó gbà. Bí wọ́n bá kọ lítà kan, omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50 sẹ̀ntílítà sí lára ni. Ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣíbí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní omi yìí díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi mu tó ìdajì ife kékeré. Ọmọ tí ó ti ju ọdún 2 lọ lè mu tó ife kékeré kan. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fún un ní síǹkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí bí ara rẹ̀ bá rọ tí kò fẹ́ jí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni “ohun yòówù kí ó fà á.” Eyín a máa yọ ní àkókò tí ọmọ ń rá, tí ó ń he gbogbo ohun tí ó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Ìyá tí ó bá gbà pé eyín ni ó fa ìgbẹ́ náà yóò dúró de eyín, nígbà tí omi ń tán lára ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò nílò láti bá a jiyàn lórí eyín. Bí ó bá ti dá omi padà, tí ó sì mọ àmì tí kò fi gbọdọ̀ dúró, ìmọ̀ràn náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n omi náà kò ṣeé fojú dá. Àwọn ìyá kan a máa da ìdajì ìyẹ̀fun sínú ife kan, wọn a sì pa ìyókù mọ́ di ọ̀la. Omi bẹ́ẹ̀ á ní iyọ̀ jù, iyọ̀ tí ó bá sì pọ̀ jù lè pa ọmọ lára dípò kí ó ràn án lọ́wọ́. Bí omi bá pọ̀ jù fún ìyẹ̀fun, agbára rẹ̀ kò ní tó. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì ní kí wọ́n ka ìwọ̀n tí ó wà lára ọ̀rá omi náà, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dọ́gba. Bí ó-áà-ẹ́sì kò bá sí rárá, ṣíbí ìpo-tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìpo-tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan ni. Kí a fi nǹkan rẹ́ orí ṣíbí náà, kí ó má ṣe ga. Kí ìyá tọ́ ọ wò kí ó tó fún ọmọ: kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Èyí tí ó bá ku lẹ́yìn wákàtí 24, kí ó dà á nù, kí ó po òmíràn.

Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tún fi gbólóhùn kan kún un: omi yìí kò dá ìgbẹ́ dúró. Ó ń dí àyè omi tí ó jáde ni. Ìyá tí a kò bá sọ èyí fún á rí i pé ìgbẹ́ kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kìíní, á ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́, á sì gbé e sọnù.

Ìmọ̀ràn kejì: ara tí ó gbóná

“Bí ara ọmọ tàbí àgbà bá gbóná, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ á sì jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí èsì bá ní kò sí, ẹ bi wọ́n léèrè ohun mìíràn tí ó lè máa mú ara gbóná bẹ́ẹ̀. Bí ara bá ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà lọ. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ gbóná, ẹni tí gìrì mú, ẹni tí kò lè mu nǹkan, tàbí ẹni tí oorun kùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.”

Ẹ ó rí i pé a ya “ara gbígbóná” sọ́tọ̀ kúrò lára “ibà ẹ̀fọn.” Nínú èdè wa, ibà kan náà ni a ń pe méjèèjì, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìyá lè mọ̀ pé ara gbóná. Ọwọ́ kò lè mọ̀ bóyá kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé kiri wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara a máa gbóná nítorí àìsàn àyà, nítorí etí tí ń ṣọyún, nítorí àìsàn ojú ìtọ̀, àti nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí oògùn ibà ẹ̀fọn kò lè fọwọ́ kàn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura pé ó ní ibà ẹ̀fọn, kí wọ́n tó fún un ní oògùn rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ pé àyẹ̀wò kì í ṣàṣìṣe. Ohun èlò àyẹ̀wò tí oòrùn ti pa, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, lè má sọ òótọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà ẹ̀fọn tán, tí ara rẹ̀ sì ti yá, lè ṣe irú àyẹ̀wò kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ó ṣì sọ pé ó wà. Nítorí náà, kí ó sọ fún ẹni tí ó ń ṣe àyẹ̀wò bí ó bá ti lo oògùn láìpẹ́. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bí ẹni pé ibà ẹ̀fọn kì í ṣe nǹkan kan. Ó lè pa ọmọ kékeré láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi ní kí wọ́n má fi ọjọ́ kan ṣòfò. Àyẹ̀wò ni kí ó yára, kì í ṣe oògùn tí a rò.

Ìmọ̀ràn kẹta: ìfúnpá

Èyí ni a fi gbólóhùn kan bà jẹ́ lọ́jọ́ Alhájà. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kà báyìí nìyí:

“Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga lè má mọ nǹkan kan lára. Orí fífọ́ kò sọ pé ó wà, ara líle kò sì sọ pé kò sí. Ẹ wá kí a wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi. Mi ò ní sọ pé ẹ ní àrùn, mi ò sì ní sọ pé ẹ kò ní. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, màá kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ má lo oògùn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo oògùn, ẹ má tìtorí nọ́ńbà tí ó dára dá a dúró, nítorí ó lè jẹ́ oògùn náà ni ó mú un dára. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, bí kò bá lè mí dáadáa, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí bí ẹnu bá wọ́, kí ó má dúró de ẹ̀rọ mi. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn.”

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọ̀rọ̀ Alhájà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù. Kò jókòó sinmi. Bí nọ́ọ̀sì ti ń wọ̀n ọ́n ni ó ń dá àwọn tí wọ́n ń béèrè oúnjẹ lóhùn. Orí apá bùbá rẹ̀ ni wọ́n we ọ̀já ẹ̀rọ náà mọ́, kì í ṣe ara apá gan-an. Apá ọ̀hún sì rọ̀ sísàlẹ̀, kò sí lórí tábìlì níbi tí ó ti máa bá ọkàn dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè gbé nọ́ńbà sókè, obì tàbí kọfí tí ènìyàn mu láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà lè gbé e sókè. Nọ́ńbà 158/94 kì í ṣe irọ́. Ó sọ bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn. Kò lè sọ bí ó ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sọ pé ẹnì kan ní àrùn ìfúnpá gíga.

Ká ní ó jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ga ní ọjọ́ méjèèjì yẹn náà ńkọ́? Ìwé tuntun yìí kan náà ni ì bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó máa kọ oògùn tirẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìṣọ́ra sọ kò gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Ìṣọ́ra náà ní ìwọ̀n

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ pé a kọ́kọ́ ṣe é ní àṣejù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Alhájà ṣì ń dùn wá, a tún ìwé náà kọ débi pé kò sí gbólóhùn tí kò parí sí “ẹ lọ rí dókítà.” Nọ́ọ̀sì kà á tán, bàbá àgbà kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé torí kí ẹ lè ní ká lọ rí dókítà lẹ ṣe ní ká jókòó?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Ìmọ̀ràn tí kò ní ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ìdí nìyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí fi ní ohun kan tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lè ṣe: kí ó po omi náà bí ó ti yẹ, kí ó ṣe àyẹ̀wò kí ó tó lo oògùn, kí ó jókòó sinmi kí ó tó na apá. Lẹ́yìn ìyẹn ni a sọ àmì tí kò fi gbọdọ̀ dúró sílé.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ṣì ní a ń fojú kéré nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ẹni tí ó ti tọ́jú aláìsàn fún ogún ọdún mọ ohun tí ó ń wò, kí ni a ṣe máa dè é lẹ́nu? Èsì wa ni pé kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀ ni a ń ṣiyèméjì sí. Ní ilé ìwòsàn, ẹnì kan ni ó wà níwájú rẹ̀, ó sì lè béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ti lò, bóyá ó lóyún, bóyá ó ní àìsàn mìíràn. Lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbólóhùn kan náà ń wọ etí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kò sì mọ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ti ara rẹ̀, kí ó wá bá a níbi tí wọ́n ti lè jókòó sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, àga mẹ́fà ni a ń tò sí iwájú tábìlì nọ́ọ̀sì lẹ́yìn Àsàlátù. Alhájà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ni ó ń bójú tó wọn. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí àga, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́ ná, ìṣẹ́jú márùn-ún yín kò tíì pé.”